Láti ọgbọ̀n ẹ̀wù sí ọ̀ọ́dúnrún: bí aládìrẹ kékeré ṣe lè pọ̀ sí i kí orúkọ ọjà rẹ̀ má bàjẹ́

Ilé ìtajà kan ní Lẹ́kì pè yín. Wọ́n rí bùbú àdìrẹ yín lára ẹnì kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ 200 ẹ̀wù kí ọdún tó parí. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín: aláró kan, télọ̀ kan, ọmọ iṣẹ́ méjì. Ọgbọ̀n ẹ̀wù lẹ ń rí ṣe lóṣù, ìyẹn bí òjò kò bá dí aṣọ lọ́wọ́ gbígbẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lórí fóònù, a ó wá máa wá ẹni tí yóò bá wa rán an kiri. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn tó ń ra aṣọ wa tẹ́lẹ̀ á máa bi ara wọn pé kí ló ṣe aṣọ yìí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò máa ń wá láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Góòlù Kóòsì, tí a ń pè ní Gánà lónìí, láti ra àdìrẹ Ẹ̀gbá. Ọjà pọ̀, aláró pọ̀, oníkálukú ń wá bí iṣẹ́ òun á ṣe yá kí owó rẹ̀ sì dín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó, àwọn tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ sì ń ba aṣọ jẹ́. Àwọn oníbàárà ń ráhùn, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de èròjà wọ̀nyẹn, àwọn ìyá aláró sì fárí ga, ìjà náà sì le ní àwọn ọdún 1930. Mo máa ń rántí ìtàn yìí torí pé èròjà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ba ọjà jẹ́. Àwọn aláró tó ń lò ó lónìí pọ̀, aṣọ wọn sì ń pẹ́. Ohun tó ba ọjà jẹ́ ni pé ẹni tó ń rà á kò mọ èyí tí yóò gbà mọ́.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń ṣe àdìrẹ, tó ń rán an ṣe bùbú àti ṣẹ́ẹ̀tì, tó sì fẹ́ pọ̀ sí i. Iye owó tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe iye ọjà tòní. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀, ẹ di ọ̀nà ìṣírò náà mú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ohun tí wọ́n ń sanwó fún gan-an

Ẹ ṣí Wasáàpù yín. Ẹ ka gbogbo ohun tí ogún oníbàárà tó rà kẹ́yìn kọ sí yín, kí wọ́n tó sanwó àti lẹ́yìn tí aṣọ dé ọwọ́ wọn. Ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè tuntun. Bí ẹ bá bi èèyàn pé kí ló fẹ́ràn nínú aṣọ yín, yóò kàn máa yìn yín ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà tí wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yóò padà kà á lẹ ń wá.

Ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀wọ́: ti àwọ̀ àti ọnà, ti bí aṣọ ṣe bá ara mu, ti rírán, ti bí ẹ ṣe tètè dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé mìíràn, kí ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ̀wù kan ń jẹ ní ìpele kọ̀ọ̀kan: fífọ aṣọ funfun, fífi àbẹ́là tẹ ọnà sí i tàbí dídì í, rírẹ ẹ́ sínú aró, yíyọ àbẹ́là, gígé, rírán, ṣíṣẹ́ ìṣẹ́tí, lílọ̀ ọ́. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Nígbà tí èmi ṣe é, ojú tì mí díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ la fi ń ṣẹ́ ìṣẹ́tí bùbú, wákàtí méjì ló ń gbà, mo sì ń fi yangàn káàkiri. Nínú ogún oníbàárà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dárúkọ ìṣẹ́tí. Mẹ́tàlá ló sọ̀rọ̀ àwọ̀, tàbí pé àwọn kò rí ẹlòmíràn tó wọ irú ọnà náà. Marùn-ún sọ̀rọ̀ bó ṣe bá àwọn mu ní èjìká. Ìyẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú aṣọ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́tí lè lọ sórí ẹ̀rọ láti ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tí yóò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Tiyín lè yàtọ̀. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn aṣọ ni gbogbo èèyàn ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ náà kàn ń gbé e ni. Bó bá gbé ọrùn náà lọ sórí ẹ̀rọ, kí ló kù?

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fa ìlà sáàárín ọwọ́ àti ẹ̀rọ, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ óò máa lò

Ohun tí wọ́n ń sanwó fún yóò dúró lọ́wọ́ èèyàn. Ìyókù lè kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tí télọ̀ yín, ẹni tó ń dáhùn lórí Ínsítágíráàmù, àti ẹ̀yin fúnra yín yóò máa sọ bákan náà. Tèmi ni: "Ọwọ́ la fi ṣe ọnà rẹ̀, ọwọ́ la fi pa á láró, ẹ̀rọ la fi rán an."

Ẹ ṣọ́ra fún "ọwọ́ la fi ṣe é" tí kò ní àlàyé. Nígbà tí ẹ wà lórí ọgbọ̀n ẹ̀wù, òótọ́ ni. Ní ọ̀ọ́dúnrún, ẹni tó gbà á gbọ́ yóò rí ojú ẹ̀rọ wífìn ní inú aṣọ, yóò ní ẹ parọ́ fún òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yín ló pa gbogbo rẹ̀ láró. Gbólóhùn tó sọ ìpele wo ni ọwọ́ ṣe kò ní kojú ẹjọ́ yìí láé, bó ti wù kí ẹ pọ̀ tó.

Ìdí kejì tí gbólóhùn náà fi ṣe pàtàkì ni aṣọ títẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí ọjà Ìtòkú mọ̀ pé aṣọ tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí wà níbẹ̀, ó sì rọjú ju tiyín lọ. Ẹ ò lè bá a du iye owó, ẹ má dán an wò. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ kọ́ oníbàárà yín bí yóò ṣe dá a mọ̀. Kó yí aṣọ padà: aṣọ tí a rẹ sínú aró máa ń gba àwọ̀ tojú tẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣì ní ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá mu àwọ̀ dáadáa, kó wá ibi tí ọnà ti tún ara rẹ̀ ṣe. Ti ẹ̀rọ yóò bá ara mu délẹ̀délẹ̀, àbùkù tó wà lára ìràwọ̀ kìíní yóò wà lára ìkẹta. Ti ọwọ́ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ti alábẹ́là, yóò rí ìlà wẹ́wẹ́ bí irun níbi tí àbẹ́là ti sán kí aró tó wọlé. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ yín mọ́ fọ́tò iwájú nígbà gbogbo. Fọ́tò yẹn nìkan ti tà fún mi ju ìtàn gígùn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò iye owó bí ẹni pé ilé ìtajà wà láàárín

Ibí yìí ni kí ẹ ti jókòó pẹ́. Ká ní bùbú kan ń gba yáàdì mẹ́rin aṣọ funfun, ₦3,500 ni yáàdì kan: ₦14,000. Aró, àbẹ́là àti gáàsì, ₦3,000. Owó ọwọ́ aláró, ₦4,000. Owó rírán, ₦5,000. Òwú, lébẹ́ẹ̀lì àti ọ̀rá, ₦1,500. Ó di ₦27,500. Ẹ má dúró síbẹ̀, torí pé nínú ẹ̀wù mẹ́wàá, ọ̀kan máa ń bàjẹ́: aró kò mú dọ́gba, tàbí àbẹ́là ya. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, ₦2,750. Iye tó ń ná yín gan-an ni ₦30,250.

Ẹ ń tà á ní ₦40,000, ẹ ń jèrè ₦9,750, inú yín dùn. Ilé ìtajà Lẹ́kì wá sọ pé ìdajì iye tí àwọn bá tà á ni àwọn máa ń san. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní owó ilé, iná mànàmáná àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń san. Bí wọ́n bá tà á ní ₦40,000 yín, ₦20,000 ni yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ sì ti pàdánù ₦10,250 lórí ẹ̀wù kan. Ẹ sọ ọ́ di 200, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè sùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ìdajì náà bo ìnáwó yín kó tún ku èrè, wọ́n ní láti tà á ju ₦60,500 lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n sí ₦40,000 yóò sì pariwo.

Ohun tí ìṣírò yìí ń sọ ni pé bùbú tó sọ yín di olókìkí kọ́ ló yẹ kó lọ sí ilé ìtajà. Bùbú náà yóò dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ óò máa tà á tààrà, owó rẹ̀ kò sì ní wálẹ̀. Ẹ wá ẹ̀wù tó gba aṣọ díẹ̀, tí rírán rẹ̀ rọrùn fún ẹ̀rọ, tí ojú àdìrẹ yín sì ṣì hàn lára rẹ̀. Fún mi, ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú ni. Yáàdì méjì, ₦7,000. Aró àti ọwọ́ aláró, ₦2,500, torí pé a ń rẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gígé àti rírán ní ilé ìránṣọ, ₦3,000. Bọ́tìnnì, gọ́mù sítéè àti lébẹ́ẹ̀lì, ₦1,200. Àpapọ̀ ₦13,700, ẹ fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún èyí tó bá bàjẹ́, ó di ₦14,385. Mo ń fún ilé ìtajà ní ₦22,000, wọ́n ń tà á ní ₦44,000. Èrè mi lórí ọ̀kan jẹ́ ₦7,615.

Òfin kan wà tó máa ń dùn wá láti rú: bí ẹ̀yin náà bá ń ta ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lórí fóònù yín, ₦44,000 ni kí ẹ tà á. Bí ẹ bá ń tà á ní ₦30,000 fún ojúlùmọ̀, ilé ìtajà yóò gbọ́, wọn kò sì ní pe yín mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan ọnà tí ọ̀bẹ ìgéṣọ kò ní bà jẹ́

Ohun tí mo máa sọ níbí ná mi lówó kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo gbé aṣọ fún ṣẹ́ẹ̀tì obìnrin 60 lọ sí ilé ìránṣọ kan ní ìhà Èkó. Ọnà osùbàḿbá ni, oṣùpá ńlá ńlá. Ilé ìránṣọ náà ṣe ohun tí gbogbo ilé ìránṣọ máa ń ṣe: wọ́n tẹ́ aṣọ lé ara wọn ní ogún ìpele, wọ́n gbé pátánì lé òkè, wọ́n fi ẹ̀rọ gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lára ìpele tó wà lókè, oṣùpá bọ́ sí ibi tó yẹ. Lára àwọn tó wà nísàlẹ̀, oṣùpá méjì gúnlẹ̀ sí ibi tí obìnrin kankan kò fẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Nínú ọgọ́ta, mọ́kàndínlógún péré ni mo lè tà ní iye tó yẹ. Mo bínú sí wọn nígbà náà. Ẹ̀yìn náà ni mo rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi: bí wọ́n ti ń gé aṣọ ilé iṣẹ́, tí ìpele kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dọ́gba, ni wọ́n ṣe gé tèmi, èmi náà kò sì sọ fún wọn pé kò sí méjì tó dọ́gba nínú àdìrẹ.

Láti ìgbà náà, mo pín ọnà sí méjì. Ọnà ńlá tó ní àyè tirẹ̀, bí osùbàḿbá, tàbí Ìbàdàndùn tó ní òpó Mápó, kò gbọdọ̀ kúrò nínú bùbú tí a ń gé lọ́kọ̀ọ̀kan ní ilé, tí télọ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ́ ẹ, wò ó, kó tó fi ṣọ́ọ̀kì sí i. Ọnà wẹ́wẹ́ tó bo gbogbo ojú aṣọ, bí èyí tí a fi fóòmù kékeré tẹ̀ tàbí tí a di ní kóro kóro, ni ti ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìtajà. Ibi yòówù kí ọ̀bẹ gbà kọjá, yóò jọra. Bí ọnà kan bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ, ẹ má ṣe fún ilé ìránṣọ tó ń gé ní ìpele.

Àwọn ọnà àtijọ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan, ẹ ò lè sọ pé ẹ ni wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí àwọn èèyàn yóò fi dá yín mọ̀ láti òkèèrè, ẹ ṣe fóòmù ọnà tiyín kan, kí ẹ sì máa lò ó nínú gbogbo aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ní àpò àyà nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì

Aláró tó dáńtọ́ máa ń fi ojú wọn èròjà. Ó dára fún ọgbọ̀n ẹ̀wù. Fún ọ̀ọ́dúnrún, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré, ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kan, kí ẹ kọ iye gíráàmù aró, kọ́sítíìkì àti haidiró tó lò, iye lítà omi, bí omi ṣe gbóná tó, iye ìṣẹ́jú tí aṣọ lò nínú rẹ̀ àti iye ìgbà tó yọ ọ́ sí afẹ́fẹ́. Ẹ gé aṣọ tó tó ìka mẹ́rin, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé náà. Bí ẹ bá ti ní ogún irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọ̀ yín kò sí nínú orí ẹnì kan ṣoṣo mọ́, àìsàn ẹyọ èèyàn kò sì ní dá iṣẹ́ dúró. (Kọ́sítíìkì máa ń jó ara. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgunpá kì í ṣe ọ̀ṣọ́.)

Síbẹ̀, aró máa ń tán lágbára bí aṣọ ṣe ń wọ inú rẹ̀. Aṣọ kìíní yóò dú ju ìkẹjọ lọ. Ẹ fi nọ́ńbà sí igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún agéṣọ pé gbogbo ẹ̀yà ẹ̀wù kan, tó fi mọ́ kọ́là àti apá, gbọ́dọ̀ wá láti ara aṣọ onínọ́ńbà kan náà. Bí ṣẹ́ẹ̀tì méjì bá yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, ojú ọwọ́ nìyẹn, oníbàárà yóò gbà á. Bí apá kan bá ṣì ju ara aṣọ lọ, kò sí ìtàn tí ẹ lè sọ.

Àyẹ̀wò méjì ni kí ẹ máa ṣe kí aṣọ tó lọ fún gígé. Èkíní, ẹ fi pẹ́ńsù fa igun mẹ́rin tó jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti ìnà, ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a gbẹ, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá di 48, ó ti fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún súnkì, ẹ sì gbọ́dọ̀ fọ gbogbo òkè aṣọ náà kí ẹ tó gé e. Èkejì, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù ra ojú aṣọ ní ìgbà mẹ́wàá. Bó bá yọ àwọ̀ ju òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, aró tí kò wọlé ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ padà fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́. Iyọ̀ tí àwọn èèyàn ń ní kí oníbàárà rẹ ẹ́ sí nílé kò lè ṣe iṣẹ́ tí a kò ṣe lẹ́bàá ìkòkò aró.

Ti sáìsì ṣókí: fífi ojú gé aṣọ gbọ́dọ̀ dópin fún ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ kó ìwọ̀n tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín jọ, ẹ wo ibi tí wọ́n pọ̀ sí, kí ẹ gé pátánì páálí fún sáìsì mẹ́rin péré. Ẹ rán ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀ ọ́ fún èèyàn gidi, kì í ṣe fún ère. Èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fọwọ́ sí ara lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹ ṣe é ní méjì, ọ̀kan fún ilé ìránṣọ, ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Ìyẹn ni ẹ óò fi yanjú àríyànjiyàn. Lára ìwé ìwọ̀n, ẹ kọ ìyàtọ̀ tí ẹ lè gbà: àyà kò gbọdọ̀ fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ yàtọ̀ sí ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni gígùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orúkọ kó tó di lébẹ́ẹ̀lì

Fíforúkọ sílẹ̀ ní CAC fún yín láṣẹ láti ṣòwò àti láti ṣí àpamọ́ ní báńkì. Kò ní kí ẹlòmíràn má kọ orúkọ yẹn sí ọrùn aṣọ tirẹ̀. Èyí tó ń dáàbò bo orúkọ lára ọjà ni àmì òwò, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Abùjá, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò. Aṣọ wíwọ̀ wà ní ìsọ̀rí 25. Wọ́n máa ń ṣàyẹ̀wò bóyá ẹlòmíràn ti gba orúkọ náà. Bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀, ọdún 7 ni, lẹ́yìn náà ẹ óò máa sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà kí ẹ tó sanwó fún ẹgbẹ̀rún lébẹ́ẹ̀lì.

Orúkọ tó kàn ń sọ irú ọjà tàbí ìlú tó ti wá, bí "Àdìrẹ Abẹ́òkúta", kò rọrùn láti gbà, torí gbogbo aládìrẹ Abẹ́òkúta ló ni ín. Èmi á tún sọ pé kí ẹ má fi ọ̀nà iṣẹ́ há ara yín mọ́ inú orúkọ. Ẹni tó pe ọjà rẹ̀ ní "Abẹ́rẹ́ Ọwọ́ Nìkan" ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ kan, lébẹ́ẹ̀lì méjì. Ti bùbú ní àwọ̀ aró, ó ní nọ́ńbà àti orúkọ aláró tó pa á. Ti ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ funfun, ó ní gbólóhùn ìgbésẹ̀ kejì. Méjèèjì ní irú òwú aṣọ náà àti bí wọn yóò ṣe fọ̀ ọ́: omi tútù, lọ́tọ̀, ẹ sá a sí ibòji. Bí ẹ bá ní oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìnì tó fẹ́ tún un tà, irú òwú tí a fi hun aṣọ jẹ́ dandan lábẹ́ òfin wọn níbẹ̀, Amẹ́ríkà tún ń béèrè ìlú tí a ti ṣe é. Ẹ fi sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ogójì kí ó tó di igba

Ẹ padà pe ilé ìtajà Lẹ́kì. Ẹ má gba 200. Ẹ wo owó náà: 200 ṣẹ́ẹ̀tì ní ₦14,385 jẹ́ ₦2,877,000 tí yóò ti jáde lápò yín kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Ẹ ní ogójì lẹ óò kọ́kọ́ fún wọn. Ogójì ń ná yín ní ₦575,400. Wọn yóò san ₦880,000 fún un, kí wọ́n san ìdajì sílẹ̀, ₦440,000, ó ku ₦135,400 tí ẹ óò wá. Ìyẹn ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá ní "ẹ kó o wá, bó bá tà, a ó sanwó", ẹ̀yin lẹ ń yá wọn lówó ra ọjà yẹn. Mo lè gbà á fún mẹ́wàá, n kò gbà á fún ogójì.

Ní ilé ìránṣọ, ẹ ka aṣọ fún wọn kí ẹ sì gba ìwé. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀wù márùn-ún àkọ́kọ́ bá jáde, ẹ má dúró dìgbà tí ogójì bá parí. Ẹ fi téèpù wọ̀n wọ́n mọ́ sáńpù tí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ fa ojú rírán ní abíyá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín òwú, ojú abẹ́rẹ́ ti fẹ̀ jù. Ẹ wo kọ́là kejì, ìkẹta, ìkẹrin, torí pé àkọ́kọ́ ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ rán. Bí méjì nínú márùn-ún bá kùnà, iṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹ ò ní san gbogbo owó tán kí ẹ tó ka ogójì náà pé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí ṣẹ́ẹ̀tì náà dé Lẹ́kì, ẹ kọ̀wé sí àwọn oníbàárà bùbú yín. Kí wọ́n má lọ rí i lára fèrèsé ilé ìtajà kí wọ́n tó gbọ́ lẹ́nu yín. Èyí ni mo kọ:

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tó ti wà pẹ̀lú wa tipẹ́. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ óò rí ṣẹ́ẹ̀tì wa ní Lẹ́kì. Ẹ̀yìnkùlé wa la ti pa á láró, ilé ìránṣọ ló rán an. Bùbú yín kò kúrò níbi tó wà: ọ̀kọ̀ọ̀kan la ṣì ń gé e, ọgbọ̀n la ṣì ń ṣe lóṣù, kò sì sí ibòmíràn tí a ti ń tà á."

Àwọn méjì fèsì pé ṣé bùbú náà kò ní wọ́n sí i báyìí. Ìbéèrè gidi ni. Mo sọ fún wọn pé yóò wọ́n sí i, pé ₦48,000 ni láti oṣù kẹta, àti pé àwọn tó bá sanwó ṣáájú yóò rà á ní ti àtijọ́. Mọ́kànlá sanwó lọ́sẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ilé ìtajà: mélòó ló tà ní sáìsì kọ̀ọ̀kan, mélòó ni wọ́n dá padà, kí ni ẹni tó dá a padà sọ. Bí sáìsì kejì bá tán tí ìkẹrin ṣì wà lórí ìkọ́, gígé tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ pín dọ́gba. Bí ẹ̀wù tí wọ́n dá padà bá ju méjì lọ nínú ogójì torí aró tàbí rírán, ogójì mìíràn lẹ óò tún ṣe, kì í ṣe ọgọ́rin. Bí wọ́n bá dá a padà nítorí sáìsì, pátánì páálí lẹ óò padà sí, ẹ gbé aláró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì tán kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, tí kò sẹ́ni tó dá nǹkan kan padà, ẹ kọ́kọ́ lọ wo aláró yín bóyá ó lè rẹ ọgọ́rin lóṣù mọ́ ọgbọ̀n bùbú, kí ẹ tó gbé fóònù.